Bí ẹ ṣe máa gé fídíò ńlá sí apá-apá, tí apá kọ̀ọ̀kan á sì ṣeé wò

Fídíò ìsìnkú ìyá àgbà wa gùn tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá wa yà á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, fáìlì náà sì jẹ́ gígábáìtì 6.48. Àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ráyè wálé fún ìsìnkú yẹn, òun gan-an la sì fẹ́ kó rí i. WhatsApp kì í gba fáìlì tó bá ju gígábáìtì 2 lọ. Ni mo bá wá ètò kan tó ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, mo gé fídíò náà sí mẹ́rin, mo sì fi odidi òru kan fi wọ́n ránṣẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àǹtí mi pè mí, wọ́n ní, "Mo ti gbà á tán, àmọ́ kò sí èyí tó ṣí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ọ̀pọ̀ ló ń ko irú èyí, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti yé èèyàn. Nínú fáìlì mp4, atọ́ka kan wà tó sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà. Kámẹ́rà sábà máa ń kọ atọ́ka yìí sí ìparí fáìlì, torí ìgbà tó bá yà á tán ló tó mọ ibi tí nǹkan wà. Tí ẹ bá wá gé fáìlì náà bí ẹni gé iṣu, apá tó gbẹ̀yìn nìkan ni atọ́ka máa wà nínú rẹ̀, ibi tí atọ́ka náà ń tọ́ka sí kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Irú apá bẹ́ẹ̀ kò wúlò àfi tí ẹni tó gbà á bá tún so gbogbo wọn pọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má ní kí ẹni tó ń fi fóònù wo fídíò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká fi àkókò gé e, nípa lílo ètò tó mọ ohun tí fídíò jẹ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń kọ atọ́ka tuntun fún apá kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ nílò kọ̀ǹpútà kan, àti ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ `ffmpeg`. Ètò kejì tó ń jẹ́ `ffprobe`, tó wà fún wíwọn fídíò, máa ń bá a wá. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ ṣí fèrèsé `cmd`, kí ẹ tẹ ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí. Ìlà kejì wà fún Mac tó ti ní `brew`, ìlà kẹta wà fún Ubuntu.

```
winget install Gyan.FFmpeg
brew install ffmpeg
sudo apt install ffmpeg
```

Lórí Windows, ẹ pa fèrèsé náà dé lẹ́yìn tó bá parí, kí ẹ tún ṣí òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa sọ pé òun kò mọ `ffmpeg`.

Ẹ tún nílò àyè lórí kọ̀ǹpútà náà tó tó ìwọ̀n fídíò yín, torí gígé kò ní pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Fún gígábáìtì 6.48, ẹ wá àyè gígábáìtì 7, ó kéré tán. Tí ẹ bá fẹ́ fi fíláàṣì gbé odidi fídíò náà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yà á, tí fíláàṣì náà sì kọ̀ ọ́ bó tiẹ̀ ní àyè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ FAT32 ni wọ́n fi tò ó. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó gígábáìtì 4.

Ìpele 1: Ẹ wọn fídíò náà

Ẹ fi fídíò náà sínú fódà tirẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo, bíi `isinku.mp4`. Àlàfo nínú orúkọ máa ń jẹ́ kí àṣẹ rò pé fáìlì méjì lẹ pè. Ẹ tún kíyè sí Windows: ó lè fi `.mp4` pamọ́ fún yín, kí ẹ wá fi ọwọ́ yín kọ òmíràn kún un, kí orúkọ rẹ̀ wá di `isinku.mp4.mp4`.

Ẹ lo `cd` láti wọ inú fódà náà, kí ẹ wá tẹ:

```
ffprobe -v error -show_entries format=duration,size -of default=noprint_wrappers=1 isinku.mp4
```

Ohun tó gbé wá fún mi rèé:

```
duration=9000.040000
size=6480028800
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí fídíò ṣe gùn tó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìkejì ni bó ṣe tóbi tó ní báìtì. Nọ́ńbà báìtì yìí ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má wo èyí tí fódà ń fi hàn. Gígábáìtì ẹnì kan jẹ́ báìtì 1,000,000,000, ti ẹlòmíràn jẹ́ 1,073,741,824. Ìdí nìyẹn tí Windows fi kọ 6.03 GB síwájú fáìlì kan náà tí mo ń pè ní 6.48.

Ẹ máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí tí nọ́ńbà méjèèjì bá jáde, tí èyí àkọ́kọ́ tí ẹ bá pín in sí 60 sì fún yín ní iye ìṣẹ́jú tí fídíò náà gùn lóòótọ́. Tèmi fún mi ní 150, ìyẹn wákàtí méjì ààbọ̀. Tí ohun tó jáde bá kéré sí bí fídíò ṣe gùn, fáìlì náà kò dé ọwọ́ yín pé. Ẹ padà lọ gbà á.

Ìpele 2: Ẹ ṣírò bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó

Ẹ má fi ìwọ̀n apá yín ṣe 2 géérégé. Gígé kì í bọ́ sí orí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ dá gan-an, ó máa ń kọjá díẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo máa ń fi 1.8 ṣe, ìyẹn báìtì 1,800,000,000.

Ẹ pín báìtì fídíò sí ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀: 6,480,000,000 sí ọ̀nà 9,000 jẹ́ 720,000. Iye tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nìyẹn, tí a bá pín in dọ́gba. Ẹ wá fi 720,000 pín 1,800,000,000, ó jẹ́ 2,500. Apá kọ̀ọ̀kan á gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 2,500, bí ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì àti díẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ á wá di apá mẹ́rin, tí èyí tó kẹ́yìn á kúrú ju àwọn yòókù lọ.

Ìpele 3: Ẹ gé e

Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo èyí. Bó tiẹ̀ gùn, ẹ má tẹ `Enter` láàárín rẹ̀.

```
ffmpeg -i isinku.mp4 -map 0:v:0 -map 0:a -c copy -f segment -segment_time 2500 -segment_start_number 1 -reset_timestamps 1 -segment_format_options movflags=+faststart apa_%02d.mp4
```

Ẹ jẹ́ kí n ya àwọn tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀, torí ibi tí èèyàn bá ti yọ ọ̀kan kúrò ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

`-c copy` ló ń sọ fún un pé kó kó àwòrán àti ohùn bó ṣe bá wọn, kó má tún wọn ṣe. Pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́, àwòrán kò sì ní bàjẹ́ rárá. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo fídíò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ìṣirò Ìpele 2 á sì di asán. Tí ẹ bá rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá tí kò tíì gbé apá kejì jáde, ẹ tẹ `q` kó dúró, kí ẹ wo àṣẹ yín dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí gígé fi máa ń kọjá ibi tí a dá fún un. Kámẹ́rà kì í tọ́jú gbogbo àwòrán ní odidi. Ó máa ń tọ́jú àwòrán kan ní odidi, lẹ́yìn náà ohun tó yí padà nìkan ni yóò máa kọ sílẹ̀, títí dìgbà tó bá tún tọ́jú odidi mìíràn. Tí ẹ bá gé fídíò láàárín odidi méjì, apá tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyípadà tí kò ní ohun tó ń yí. Ohùn á máa lọ, ojú fídíò á dúdú tàbí kó dì pa. `-f segment` kì í ṣe bẹ́ẹ̀: tó bá dé 2,500, á dúró de odidi àwòrán tó kàn kó tó gé. Ẹ̀rí wà níbẹ̀ pé apá kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó pé, ohun tí ẹ sì fi san án ni ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó lé.

`-reset_timestamps 1` ń mú kí aago apá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Láìsí i, apá kejì lè gbà pé ìṣẹ́jú kọkànlélógójì lòun ti bẹ̀rẹ̀, àwọn fóònù kan á sì dúró láìfi nǹkan kan hàn.

`%02d` ni ibi tí nọ́ńbà ń bọ́ sí: `apa_01`, `apa_02`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òdo tó wà níwájú kì í ṣe fún ẹwà. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ fóònù á to apá 10 ṣíwájú apá 2. `-segment_start_number 1` ni kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti `apa_00`, torí ẹni tó bá gba 00 á máa wá ibi tí 04 wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ àṣẹ yìí sínú fáìlì `.bat` lórí Windows, ẹ kọ ọ́ ní `%%02d`. Tí ẹ bá kọ ẹyọ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, nọ́ńbà kò ní jáde.

`-map 0:v:0 -map 0:a` ń mú àwòrán àti ohùn nìkan. Fóònù àti kámẹ́rà kan máa ń fi nǹkan mìíràn pamọ́ sínú fídíò, bí ibi tí wọ́n ti yà á, èyí tí mp4 tuntun lè kọ̀. Tí ẹ bá lo `-map 0` lásán tí ó sì kígbe `Could not find tag for codec`, nǹkan tó fà á nìyẹn. Tó bá jẹ́ `.mov` ni fáìlì yín, ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn apá náà parí sí `.mov` pẹ̀lú.

Ìyókù, `movflags=+faststart`, ń gbé atọ́ka wá sí iwájú apá kọ̀ọ̀kan.

Ìpele yìí yọrí tí `ffmpeg` bá parí láìsí ìlà pupa, tí ẹ sì rí àwọn fáìlì tó ní nọ́ńbà nínú fódà náà.

Ìpele 4: Ẹ wọn apá kọ̀ọ̀kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò kọjá. Lórí Windows, ẹ tẹ `dir apa_*`. Lórí Mac àti Ubuntu, ẹ tẹ `ls -l apa_*`. Ohun tí mo rí ní gígábáìtì rèé: apá kìíní 1.61, ìkejì 1.69, ìkẹta 2.21, ìkẹrin 0.97.

Apá kẹta ti ju 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò mi kò ṣì. Ìtumọ̀ 720,000 ni pé a pín in dọ́gba, fídíò kì í sì í jẹun dọ́gba. Níbi ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ojú kan ni kámẹ́rà wà, àlùfáà ń sọ̀rọ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ohun tó ń yí padà kéré, báìtì kéré. Apá kẹta ni a bọ́ síta: àwọn onílù ti dé, aṣọ ẹbí ń fì sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń náwó fáwọn ọmọ olóòkú, owó ń fò lójú afẹ́fẹ́. Gbogbo igun àwòrán ló ń yí padà, báìtì sì ń gòkè.

Nítorí náà, apá tó wúwo jù lọ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò kejì. Ẹ pín 2,214,000,000 sí 2,500, ó jẹ́ 885,600. Ẹ fi ìyẹn pín 1,800,000,000, ó lé díẹ̀ ní 2,030. Mo mú un wá sí 2,000.

Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo apá àtijọ́ rẹ́ kí ẹ tó tún un gé. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, tí gígé tuntun sì mú apá tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ jáde, apá àtijọ́ kan á jókòó sẹ́yìn wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tó dà bí ẹni pé ara wọn ló jẹ́.

Gígé kejì fún mi ní apá márùn-ún: 1.29, 1.34, 1.56, 1.65 àti 0.64. Èyí tó tóbi jù kò dé 1.8. Ẹ ṣàkíyèsí pé tí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, 6.48 ni. Tí àròpọ̀ yín bá fi púpọ̀ kéré sí ti odidi fídíò, nǹkan kan ti jábọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ ohùn.

Ìpele 5: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Kí apá kan ṣí kò tíì tó, ó gbọ́dọ̀ lọ dé òpin. Àṣẹ yìí á ka apá náà látòkèdélẹ̀ láìfi hàn lójú:

```
ffmpeg -v error -i apa_03.mp4 -f null -
```

Tó bá dákẹ́ tó sì parí, ó dára. Tó bá kọ àṣìṣe jáde, ẹ lo àṣẹ kan náà fún odidi fídíò àkọ́kọ́. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà tàbí níbi tí wọ́n ti dà á kọ ló ti bàjẹ́, gígé kọ́ ló fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú àti etí yín wò ó ní oríkèé. Ẹ wo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú apá kìíní, kí ẹ wo mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú apá kejì. Ọ̀rọ̀ tó dúró níbi kan gbọ́dọ̀ máa bá a lọ níbi kejì. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bóyá ó bá ohùn rẹ̀ mu.

Níbi oríkèé yìí ni mo ti rí ohun kan tó dùn mí. Apá kejì parí láàárín oríkì tí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ń kì wọ́n, ìlà kan náà já sí méjì. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nínú fáìlì náà, àmọ́ kò yẹ kí ẹni tó wà lókèèrè gbọ́ ọ báyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ yan ibi tí ẹ máa gé fúnra yín, ẹ wo fídíò náà, kí ẹ kọ àkókò tí nǹkan parí sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 jẹ́ 1,935. Ẹ wá yọ `-segment_time 2000` kúrò nínú àṣẹ, kí ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```
-segment_times 1935,3890,5820,7760
```

Láti ìbẹ̀rẹ̀ odidi fídíò ni ẹ ó ti máa ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti ibi tí ẹ gé kẹ́yìn. Ẹ má fi àlàfo sáàárín wọn. Kí àyè tó wà láàárín méjì má sì ju 2,000 tí ìṣirò fún wa. Torí pé ó máa dúró de odidi àwòrán tó kàn, ẹ mú ibi tí nǹkan ti parí gan-an, níbi tí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ má mú ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí Ìpele 4, ẹ tún wọ́n wọ̀n.

Ìpele 6: Fífi ránṣẹ́

Nínú WhatsApp, ẹ tẹ àmì ìso, kí ẹ mú `Document`, kì í ṣe ibi àwòrán. Tí ẹ bá gba ibi àwòrán, WhatsApp á fún fídíò náà pọ̀, àwòrán á ṣú, orúkọ tí ẹ fún un á sì sọnù, nọ́ńbà yín á bá a lọ. `Document` á gbé e lọ bó ṣe wà.

Ẹ fi apá tó kéré jù lọ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ ní kí ẹni náà ṣí i. Ti wa ni apá karùn-ún. Tí fóònù rẹ̀ bá ń fún un ní ohùn láìsí àwòrán, tí gbogbo rẹ̀ sì dára lórí kọ̀ǹpútà yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ H.265 ni kámẹ́rà fi yà á, kí fóònù náà má sì mọ̀ ọ́n kà. Gígé kò lè wo ìyẹn sàn, bẹ́ẹ̀ ni títún un gé kò ní yí nǹkan kan padà. Kí ó gbìyànjú ètò VLC lórí fóònù náà kí ẹ tó ná dátà lórí àwọn mẹ́rin tó kù.

Ẹ má pa odidi fídíò tàbí apá kankan rẹ́ títí ẹni náà á fi sọ pé òun ti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin. Nígbà tí mo fi tiwa ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rin wọlé dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ ọ̀kan lórí. Àǹtí mi kọ̀wé sí mi pé, "Nọ́ńbà 3 ni mi ò tíì rí." Mo tún nọ́ńbà 3 nìkan fi ránṣẹ́.